Mánéjà ní kí n yọ "s" kúrò lára "informations", "equipments" àti "feedbacks". Mo yọ ọ́, kò tún gún

Ọmọ Sítọ̀ Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sítọ̀ ni mo ń bójú tó ní iléeṣẹ́ kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ọ̀tà. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti ní kí èmi náà máa kọ íméèlì sí ọ̀gá àgbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé rèé:

```
Dear Sir,
Kindly find attached the informations you requested.
Three equipments are missing from the store.
We received many feedbacks from four staffs on the new gloves.
We await your advices.
```

Mo kọ́kọ́ fi han mánéjà wa kí n tó fi ránṣẹ́. Ó fa bírò pupa yọ, ó fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún, ó ní kí n yọ s kúrò lára gbogbo wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí mítìn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá kà á padà, ohun tí mo rí ni "Three equipment are missing". Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Nǹkan mẹ́ta ló sọnù lóòótọ́, mo kà á. Kí ló dé tí mi ò lè fi s sí ohun tí mo kà pé ó jẹ́ mẹ́ta?

Dáré Sáǹdì

Ọ̀rọ̀ feedback yẹn máa ń dà wá láàmú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mú máìkì dúró síwájú sípíkà. Ẹ jẹ́ kó sún máìkì mọ́ ẹnu, ẹ sì dín fólúùmù kù. Tó bá ṣì ń hu, ẹ gbé sípíkà síwájú díẹ̀, kó kọjú sí èrò.

Ìyá Ìbejì Òjódú

Bọ̀dá Dáré, íméèlì ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe máìkì o 😂

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ó rọrùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé ni pé ohun tí ojú ò bá lè rí kó kà, kò gbọdọ̀ ní s. Ta ló fojú rí information rí? Ta ló ti gbé advice sórí tábìlì? Àwọn yẹn ò gba s láéláé. Ṣùgbọ́n equipment ṣeé gbé, ó ṣeé tò, ó ṣeé kà ní ení, èjì, ẹ̀ta. Nítorí náà "three equipments" tọ̀nà. Mánéjà ló ṣì í níbẹ̀ yẹn.

Àǹtí Olóòtú

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìwé àwọn iléeṣẹ́ kà kó tó jáde, ọdún 19 rèé, ìlànà tí ẹ sọ yẹn sì ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Ojú kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ìrẹsì ṣeé fojú rí, ẹni tó bá sì ráyè lè jókòó kà á ní hóró-hóró, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kọ "rices" tó bá fẹ́ ra ìrẹsì. Ojú ò rí idea rí láyé, "ideas" ló sì tọ̀nà. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe pín àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, àwa kọ́ la pín in.

Ọmọ Sítọ̀, jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́jà fún ẹ. Tí o bá lọ bá ìyá oní-gàrí ní Sáńgò, tí o ní "ẹ fún mi ní gàrí mẹ́ta", ìyá á wojú ẹ. Mẹ́ta kí ni? Ṣé kóńgò mẹ́ta ni àbí àpò mẹ́ta? Gàrí wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, o sì ń fojú rí i, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ara kóńgò ló ń lẹ̀ mọ́. Inú agbọ̀n tí gàrí wà ni Gẹ̀ẹ́sì kó equipment, information, feedback àti advice sí. Nígbà tí mánéjà ní kí o yọ s, ó gba kóńgò lọ́wọ́ ẹ, kò sì fún ẹ ní òmíràn. Ìdí tí "three equipment" kò fi gún nìyẹn: gàrí mẹ́ta ni o kọ.

Kóńgò tí equipment ń lò ni "item" tàbí "piece". "Three items of equipment are missing." Wo ibi tí s lọ: ó kúrò lára gàrí, ó bọ́ sára kóńgò. "Are" dúró bó ṣe wà, torí pé items ló ń bá lọ báyìí.

Ọmọ Sítọ̀ Ọ̀tà

Háà! Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an mà. Ó ti yé mi. Mo ti tún un ṣe báyìí, ẹ wò ó:

```
Three pieces of equipment are missing from the store.
We received many feedback from four pieces of staff.
```

Ìyá Ìbejì Òjódú

"Four pieces of staff" kẹ̀! Ta ló gé wọn? 😂😂 Ẹ gbà mí!

Àǹtí Olóòtú

Má bínú, Ọmọ Sítọ̀, èmi ni mi ò sọ ọ́ tán. Gbogbo ọjà kọ́ ni wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń fi kóńgò wọn epo, ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń ta á. Staff kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gàrí rárá. Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ ni, bí ìgbà tí a bá sọ pé "ẹgbẹ́ akọrin". Ẹnì kan péré kì í jẹ́ ẹgbẹ́ akọrin. Nítorí náà "a member of staff" ni ẹyọ kan, "four members of staff" ni mẹ́rin. Ó tiẹ̀ níbi tí "staffs" ti tọ̀nà, ìyẹn tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ò ń sọ. Tí o bá wá kọ "four staffs", ẹni tó ń kà á lè rò pé ọ̀pá mẹ́rin lo ń sọ, torí ọ̀pá náà ń jẹ́ staff. Tí gbogbo èyí bá ti sú ẹ, kọ "four employees", ó parí síbẹ̀.

Feedback ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yí i ká lo gbàgbé. "Many" kì í bá a rìn, "much" tàbí "a lot of" ló ń bá a rìn. Èyí gan-an ni mo máa ń rí jù lára ìwé tí wọ́n bá ti yọ s kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á yọ s, wọ́n á fi "many", "these" àti "are" sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. "These information are correct." Aṣọ tuntun, bàtà àná. "This information is correct" ni.

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Mo gbà pé ti ìrẹsì yẹn mú mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ojú kọ́, báwo lèèyàn ṣe máa mọ èwo ni gàrí, èwo ni kì í ṣe gàrí? Ẹ má sọ fún mi pé kí n há gbogbo ẹ̀ sórí.

Àǹtí Olóòtú

Tíṣà mi, ó gba kéèyàn há díẹ̀ sórí. Ohun kan wà tó ń ràn mí lọ́wọ́ níbi àwọn ohun tó ṣeé gbé. Tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ agboorùn tí oríṣiríṣi nǹkan mìíràn dúró sábẹ́ rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ gàrí. Furniture jẹ́ agboorùn, àga àti tábìlì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Luggage jẹ́ agboorùn lórí àpótí àti báàgì, equipment lórí dírílì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, jewellery lórí yẹtí àti òrùka. Agboorùn kì í gba s, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbà á: chairs, bags, drills, rings. Kò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo o. "Tool" náà fẹ́ jọ agboorùn, "tools" ló sì ń jẹ́.

Ibi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, mo máa ń ṣí atúmọ̀ èdè. Ti Cambridge tó wà lórí ayélujára máa ń kọ [ U ] síwájú ìtumọ̀ tí kì í gba s, á sì kọ [ C ] síwájú èyí tó ń gbà á. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò, ẹ má kàn wo ọ̀rọ̀ náà lókè, torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ní méjèèjì.

Lọ́yà Ìbàdàn

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó dá ẹjọ́ ikú fún "informations". Ní kóòtù gíga wa níbí, information ni orúkọ ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ìjọba ń gbé lọ síwájú adájọ́. Tó bá jẹ́ ìwé méjì, informations ni, kò sì sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni damage. Ohun tó bà jẹ́ lára jẹnẹrétọ̀ yín, "damage" ni, kódà kó jẹ́ ibi mẹ́wàá ló ti bà jẹ́. "Damages" ni owó tí kóòtù ní kí ẹnì kan san nítorí ohun tó ṣe fún ẹlòmíràn. Oníbàárà mi kan kọ íméèlì sí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un, ó ní "We noticed damages on the machine." Lọ́yà tí ọ̀hún fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bi wá pé èló gan-an là ń béèrè.

Bọ̀dá Báńkì

Lọ́yà sọ òótọ́. Ní báńkì náà, "advices" wà. Ìwé pélébé tó ń sọ fún ọ pé owó ti wọlé tàbí ti jáde, advice ni wọ́n ń pè é. Mo ti to "credit advices" sínú fáìlì títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí Ọmọ Sítọ̀ bá kọ "We await your advices" sí ọ̀gá rẹ̀, ìwé owó ló ń retí yẹn o, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ọmọ Sítọ̀ Ọ̀tà

Kí owó náà ṣáà wọlé 😂

Sẹ́gun Kọ̀ǹpútà

Ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é fún yín. Nínú Word, ẹ lọ sí `File`, `Options`, `Proofing`, kí ẹ tẹ `AutoCorrect Options`. Ẹ kọ `informations` sínú `Replace`, kí ẹ kọ `information` sínú `With`, kí ẹ tẹ `Add`. Ẹ ṣe bákan náà fún equipments àti feedbacks. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí ló máa ń tún un ṣe. Ẹ ò ní ronú lé e mọ́ láéláé.

Lọ́yà Ìbàdàn

Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tèmi, jọ̀ọ́.

Àǹtí Olóòtú

Sẹ́gun, ó dára fún ẹni tó bá ń kánjú, ṣùgbọ́n ohun tí mánéjà ṣe gan-an ni ẹ̀rọ yẹn máa ṣe. Á yọ s, á sì fi "three" àti "are" sílẹ̀. Òmíràn tún wà tí kò lè rí rárá, torí pé s ò sí lára rẹ̀. "An information." "An advice." "A feedback." "Another equipment." Àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn, ẹyọ kan gàrí ni wọ́n kọ. Èmi máa ń rí "an information" nínú ìwé tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ̀ mọ́ tónítóní. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ wá a, tẹ Ctrl+F, kọ "information" láìfi s sí i, kí o wá wo ọ̀rọ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e. Íméèlì ìlà mẹ́wàá ò ní gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ìyá Ìbejì Òjódú

Ìbéèrè tèmi ni pé kí ló ń fà á tí gbogbo wa fi ń ṣe é? Ọkọ mi kàwé dé yunifásítì, "underwears" ló máa ń kọ sínú ìwé ohun tó yẹ kí n rà. Mo ti bá a jà, ó ní òun ju ẹyọ kan lọ ni òun fẹ́.

Àǹtí Olóòtú

Lójú tèmi, "àwọn" ló ń fà á. Ọ̀rọ̀ tiwa kì í yí padà. Ìwé kan, ìwé mẹ́wàá, àwọn ìwé, ìwé náà ni. "Àwọn" yìí sì lè jókòó síwájú ohunkóhun tó bá ti ju ẹyọ kan lọ: àwọn irinṣẹ́, àwọn ìmọ̀ràn, àwọn ohun tí mo gbọ́. Ọkàn ẹni tó ń kọ íméèlì ti sọ "àwọn ìmọ̀ràn yín", ọwọ́ sì ti wá ibi tó máa kó "àwọn" sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. S ló rí. Ọkọ yín ò jẹ̀bi o, àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ lóòótọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ti yín tiẹ̀ sàn. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ níbí, èdè Faransé la fi kàwé, Faransé sì ń fi s sí gbogbo wọn: des informations, des équipements, des conseils, des bagages. Bó ṣe tọ́ nìyẹn nínú Faransé. Tí mo bá wá fẹ́ kọ̀wé sí oníbàárà wa ní Èkó, "àwọn" ń tì mí láti ẹ̀yìn, Faransé ń fà mí láti iwájú. Mo wá kọ ọ́ sára bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi: information, equipment, advice, luggage, furniture. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Àwọn yẹn ni mo máa ń ṣì jù, mi ò kó ìyókù sórí.

Délé Pẹ́kámù

Kí gbogbo yín farabalẹ̀. Ọdún 2020 ni àwọn tó ń ṣe Oxford English Dictionary kó ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 29 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kadà wọlé, dáńfó wọlé, bùkà wọlé. Gẹ̀ẹ́sì tiwa ni. Kí ló dé tí "informations" ò lè wọlé lọ́la? Níbi iṣẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ará Pólàǹdì ń kọ ọ́, ará Faransé ń kọ ọ́, iṣẹ́ ń lọ.

Àǹtí Olóòtú

Délé, dáńfó wọlé torí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè gbé dáńfó fún wọn. Information ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ẹ búra pé kò ní yí padà. "Mail" ò gba s tó bá jẹ́ lẹ́tà ni, síbẹ̀ gbogbo ayé ló ń kọ "emails" báyìí. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ náà ń kọ "feedbacks" nínú iṣẹ́ wọn, wọn ò sì ṣi í kọ, torí ọ̀nà tí ooru fi ń bí ooru ni wọ́n ń kà ní oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ti ọ́fíìsì náà á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń kọ sí ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ń dá lóhùn.

Délé Pẹ́kámù

Mi ò gbà tán o, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ọmọ Sítọ̀, jẹ́ kí n fi kan kún un. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, tí o bá kọ "equipments", wọn ò ní sọ fún ẹ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n á kàn dáhùn íméèlì rẹ, wọ́n á sì kọ "equipment" sínú tiwọn. Ibi tí èmi ti kọ́ ọ nìyẹn. Máa wo bí wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ rẹ padà.

Ọmọ Sítọ̀ Ọ̀tà

Ẹ̀gbọ́n Délé, àfi bíi pé ẹ wà níbẹ̀. Mo fi "Three items of equipment are missing" ránṣẹ́ láàárọ̀ òní. Ọ̀gá dáhùn ní ọ̀rọ̀ méjì: "Which equipment?"

Àǹtí Olóòtú

Óò! Ó bi ẹ́ ní ìbéèrè tó yẹ kí èmi bi ẹ́ láti àná. Kí ló sọnù gan-an?

Ọmọ Sítọ̀ Ọ̀tà

Dírílì méjì, àti mítà kan tí a fi ń wọn iná.

Àǹtí Olóòtú

Nígbà náà, gbé agboorùn yẹn kúrò lórí wọn. "Two drills and one multimeter are missing." Kò sí kóńgò, kò sí àríyànjiyàn lórí s, ọ̀gá sì mọ ohun tó máa rà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn fún ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀. "Equipment" máa ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, bóyá s wà lára rẹ̀ o, bóyá kò sí. Ẹgbẹ́ feedback tó ń gba s ni "comments", ti information ni "details". Tí o bá gba ọ̀rọ̀ méjìlá lẹ́nu àwọn èèyàn, "twelve comments" dùn ún kà ju kí o máa wá kóńgò fún feedback. Ti ìlà tó kẹ́yìn, "Please advise" ti tó, s ni kí o fi kọ ọ́, má fi c. Èyí tó ní c ni ìmọ̀ràn, èyí tó ní s ni kéèyàn gbani nímọ̀ràn.

Ọmọ Sítọ̀ Ọ̀tà

Èyí tó jáde nìyí mà:

```
Dear Sir,
The information you requested is attached.
Two drills and one multimeter are missing from the store.
Four members of staff have given us feedback on the new gloves.
Please advise.
```

Mánéjà kà á, ó ní "ta ló kọ ọ́ fún ẹ?"

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ì bá fi "Kindly" sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtẹríba ni.

Sẹ́gun Kọ̀ǹpútà

Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ sà.

Dáré Sáǹdì

Ẹ dákun, mo ti ka gbogbo rẹ̀ látòkè báyìí, ara mi ò sì balẹ̀ mọ́. Ara bọ́ọ̀sì wa ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀tún àti òsì: "SOUND EQUIPMENTS FOR HIRE". Mo pe ẹni tó kùn ún pé kó wá fi ọ̀dà bo s náà. Ó ní ṣé ẹyọ sípíkà kan ṣoṣo ló kù tí a fẹ́ máa háyà ni?

Ìyá Ìbejì Òjódú

Ẹ bi í pé ṣé ó ti ra gàrí rí 😂